Elégédé ń tanná, ọmọ rẹ̀ ń já bọ́: bí a ṣe ń fi ọwọ́ gbé àtíkè òdòdó fún elégédé àti kùkúńbà

Ìyá Ìbejì (Gánmọ)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa. Mo gbin elégédé àti kùkúńbà sẹ́yìn ilé, omi kànga ni mo fi ń bomi rin wọ́n nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Òdòdó pọ̀ lórí wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ elégédé tó wà nídìí òdòdó kì í tóbi ju ẹyin adìẹ lọ tí á fi pọ́n, tí á sì já bọ́. Kùkúńbà díẹ̀ tó dúró, ibì kan tóbi, ibì kan tín-ín-rín, ó sì ká kò. Ẹnìkan ní kí n máa fi ọwọ́ gbé àtíkè akọ òdòdó fún abo. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Bàbá Ọ̀fà

Ẹ kú oko, Ìyá Ìbejì. Ebi ló ń pa á. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ti gbó, omi ọṣẹ ni wọ́n sì ń dà sí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ lọ ra yúríà, ẹ bu ìwọ̀nba sí ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bomi rin ín dáadáa. Ní ti òdòdó yẹn, afẹ́fẹ́ ni Ọlọ́run dá fún un. Ṣé a máa ń fi ọwọ́ gbé ti àgbàdo ni? Ẹ kàn máa gbọn ìtàkùn rẹ̀ láràárọ̀, yóò dà lé ara wọn. Ohun kan tún wà o: ẹ kò gbọdọ̀ gbin kùkúńbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ elégédé. Wọn á gun ara wọn, kùkúńbà yín á sì korò.

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́, ti àgbàdo yàtọ̀. Àtíkè àgbàdo gbẹ, ó fúyẹ́, atẹ́gùn lè gbé e kọjá ebè púpọ̀. Ti elégédé wúwo, ó sì máa ń lẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án láàárọ̀, ẹ ó rí i pé kì í fò, ara ìka yín ni yóò lẹ̀ mọ́. Kòkòrò ló ń gbé e láti inú òdòdó kan dé inú èkejì, oyin ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà jù. Bí a bá gbọn ìtàkùn títí ilẹ̀ fi ṣú, akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, wọn kò ní pàdé.

Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra yúríà. Bí ewé bá dúdú, tí ìtàkùn sì ń sáré lọ, tí a tún bu yúríà sí i, ewé ni yóò máa fi ṣe. Abo òdòdó á pẹ́ kó tó yọ. Bí ewé bá pọ́n látòkè délẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ebi yẹn wọlé.

Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ ọwọ́, ẹ bá mi ṣe nǹkan méjì. Ẹ ṣa díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tó já bọ́, ẹ fi ọ̀bẹ là wọ́n. Bí inú rẹ̀ bá mọ́, tó kàn rọ̀, tó súnkì láti ibi tí òdòdó wà lọ sí ìdí, a jẹ́ pé kò rí àtíkè. Bí ẹ bá rí ìdin funfun nínú rẹ̀, tàbí ojú abẹ́rẹ́ kékeré lára rẹ̀ tí oje ti gbẹ sí, eṣinṣin eléso ló yé sí i. Méjèèjì ni í pọ́n tí í sì já bọ́, ojú kì í tètè yà wọ́n sọ́tọ̀ lóde, ṣùgbọ́n oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Èkejì, ẹ jókòó tì í láàárọ̀ nígbà tí òdòdó bá ti là, ẹ wo ohun tó ń wọ inú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Gánmọ)

Mo ti là wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bá ìdin nínú rẹ̀. Inú àwọn yòókù mọ́ tónítóní, wọ́n kàn rọ ni. Ewé rẹ̀ kò pọ́n, ó dúdú dáadáa. Lẹ́yìn tí mo kírun àsùbáà tán, mo gbé àpótí síta, mo jókòó tì í títí oòrùn fi mú. Eèrà ni mo rí nínú òdòdó, oyin kankan kò bà síbẹ̀.

Nǹkan kan wá sọ́kàn mi. Aládùúgbò wa gbin tòmátì sẹ́yìn ògiri. Àárọ̀ ló máa ń fín oògùn kòkòrò sí i kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ìyẹn lè fà á?

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Ó lè fà á gan-an. Ìgbà tí oyin ń jẹ̀ ló ń fín oògùn. Èyí tí kò bá kú lójú ẹsẹ̀ lè gbàgbé ọ̀nà ilé. Ẹ bá a sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù, kó máa fín in nírọ̀lẹ́ tí òdòdó bá ti pa ẹnu dé. Tòmátì rẹ̀ kò ní pàdánù nǹkan kan. Ní ti eèrà, omi dídùn ló wá mu. Kì í ní irun lára bí oyin, àtíkè kì í sì í dúró lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọwọ́.

Abẹ́ òdòdó ni kí ẹ máa wò. Akọ elégédé wà lórí ọ̀pá gígùn tín-ín-rín, kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá yọjú wo inú rẹ̀, ọ̀pá kúkúrú kan ṣoṣo ló dúró láàárín, àtíkè aláwọ̀ ìyeyè ló bò ó. Abo ló ní ọmọ róbótó lábẹ́. Ọrùn rẹ̀ kúrú, orí tó wà nínú rẹ̀ sì pín sí apá mẹ́ta, ó máa ń lẹ̀ tí a bá fọwọ́ kàn án. Akọ máa ń ṣáájú abo yọ, ó sì máa ń pọ̀ jù ú lọ fíìfíì. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rí i pé òdòdó àkọ́kọ́ já bọ́ láìní ọmọ, kó má pariwo, akọ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rìn yíká ìtàkùn, ẹ wá òdòdó tí yóò là lọ́la. Ṣónṣó rẹ̀ ti ní àwọ̀ ìyeyè, ṣùgbọ́n ó ṣì pa ẹnu dé. Èyí tó ṣì ní àwọ̀ ewé kò tíì yá. Ẹ so òwú pupa rọra mọ́ ọrùn abo tí ẹ bá rí, kí ẹ má baà máa wá a kiri lábẹ́ ewé nígbà tí àkókò bá ń lọ.

Ìdájí ni òdòdó elégédé ń là. Bí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú báyìí, kí ìyálẹ̀ta tó lọ tán á ti ká padà, kò sì ní là mọ́ láéláé. Àárọ̀ kan ṣoṣo ni abo kọ̀ọ̀kan ní. Ẹ ṣe é láàárín aago 6 ààbọ̀ sí aago 8 ààbọ̀. Ẹ já akọ tó là láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe èyí tó ti là lánàá. Ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ dànù títí yóò fi ku ọ̀pá àárín nìkan lórí igi rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi kan èékánná yín. Bí kò bá kun èékánná, àtíkè ti tán lára rẹ̀ tàbí ìrì ti rẹ ẹ́, ẹ wá òmíràn.

Ẹ wá fi kun orí abo. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ kí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí tirẹ̀ gbà, kí ẹ sì máa fojú wò ó: orí abo tó ti gbà á máa ń ní àtíkè lára tí ojú lè rí. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà. Wọ́n á fi kan apá kan lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gba ọ̀nà wọn lọ. Kóró inú ọmọ yẹn ló ń mú kó tóbi. Ìhà tí kò bá rí àtíkè kò ní ní kóró, kò sì ní wú bí èkejì, elégédé á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Akọ kan lè tó abo kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n bí akọ bá pọ̀, èmi a máa fi méjì kun abo kan.

Ti kùkúńbà, òdòdó rẹ̀ kéré, ibẹ̀ ni ìyọnu rẹ̀ wà. Akọ máa ń ṣùjọ lójú oríkèé kan, abo sábà máa ń dá wà, ọmọ rẹ̀ tó ní ẹ̀gún kéékèèké sì wà lábẹ́ rẹ̀. Akọ mẹ́ta ni mo máa ń lò fún abo kan, nítorí àtíkè inú ọ̀kan kéré. Bí ìka yín bá tóbi jù, ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kun àwòrán. Ẹ yí i nínú akọ bíi mélòó kan títí irun rẹ̀ yóò fi pọ́n, kí ẹ tó yí i lórí abo. Kùkúńbà kì í tètè pa ẹnu dé bí elégédé, ẹ lè ṣe tirẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí ti elégédé, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sán. Èyí tó ká kò, tó tín-ín-rín níbì kan, àtíkè tó rí ni kò tó, kóró kò yọ yíká inú rẹ̀. Òǹgbẹ náà lè fà á o, nítorí náà ẹ má fi omi jẹ ẹ́ níyà.

Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, yóò hàn. Èyí tó bá gbà á, ara rẹ̀ á máa dán, ọrùn rẹ̀ á nípọn, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí kò bá gbà á á dúró sójú kan, á ṣá, á sì pọ́n láti ibi òdòdó.

Alhaja Ìpáta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ewé ni èmi ń tà, gbọ̀rọ̀ sì wà lára ohun tí mò ń tà jù. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé àwọn tó ń gbé gbọ̀rọ̀ wá bá mi máa ń sọ pé èyí tí àwọn ń já kì í so. Ṣé jíjá yẹn ni àbí òdòdó tí ẹ ń sọ yìí?

Èkejì, nílé tiwa wọ́n ní a kì í nàka sí ọmọ elégédé, tí a bá nàka sí i, á jẹrà. Ẹ̀yin wá ń ní kí a dì í mú láàárọ̀ kùtùkùtù. Ọkàn mi kò gbà á.

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Alhaja, ẹ kú ọjà. Ti gbọ̀rọ̀, méjèèjì ló wà níbẹ̀. Bí a bá já orí ìtàkùn lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń pẹ̀ka, abo òdòdó sì máa ń yọ lára ẹ̀ka náà dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á kì í já a lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀ka kan bá ti ń ṣe bí ẹni fẹ́ nà ni wọ́n ti gé e, pẹ̀lú òdòdó tó fẹ́ yọ lórí rẹ̀, ewé tí yóò sì bọ́ ọmọ ti lọ sọ́jà. Lóko tèmi, ìdí tí a ń já fún ọbẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí tí a fi sílẹ̀ kó so.

Ti ìka, mi ò ní bá àwọn àgbà jiyàn. Awọ ọmọ elégédé rọ̀ púpọ̀, bí èékánná bá fá a, ibẹ̀ ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ náà rárá. Ewé òdòdó ni kí ẹ fi ọwọ́ kan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì kun orí tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Òmù-Àrán

Ẹ̀yin ará, ẹ má fọwọ́ kankan kan kùkúńbà o! Inú ilé ọ̀rá ni mo ti ń gbin tèmi. Mo rí irú ìmọ̀ràn yìí níbì kan, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e fún ìlà kan. Gbogbo èyí tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ni ìdí wọn wú bọ̀ǹbọ̀, inú wọn sì kún fún kóró. Oníbàárà mi kọ̀ wọ́n. Ìlà tí mi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gún régé. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, bí kùkúńbà yín ṣe ń ká yẹn, àtíkè ló pọ̀ jù fún un.

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Ohun tí ẹ rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irúgbìn yín kì í ṣe irú tirẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí irúgbìn yín. Ọ̀pọ̀ irúgbìn tí wọ́n ṣe fún ilé ọ̀rá máa ń so láìrí àtíkè rárá, inú rẹ̀ kì í sì í ní kóró tó le. Bí irú bẹ́ẹ̀ bá rí àtíkè, kóró á yọ níbi tó ti rí i, ibẹ̀ á sì wú ju ibi yòókù lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbin in fi ń ta àwọ̀n sójú fèrèsé ilé ọ̀rá, kí oyin má baà wọlé. Ti ìta gbangba tí gbogbo wa mọ̀, bí kò bá rí àtíkè, kò ní so, tàbí kó so ní ìsokúso.

Oríṣi kan tún wà láàárín, tó jẹ́ pé abo nìkan ló ń yọ lára rẹ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń po irúgbìn mìíràn tó ní akọ díẹ̀ mọ́ ọn nínú páálí. Bí ẹ bá gbin díẹ̀ nínú rẹ̀, tí èyí tó ní akọ kò sì hù, gbogbo oko á kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Ìbejì, ṣé akọ wà lára kùkúńbà yín?

Ìyá Ìbejì (Gánmọ)

Akọ pọ̀ lára rẹ̀ gan-an, ní oríkèé dé oríkèé. Irúgbìn tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré lọ́jà ni mo rà. Ti elégédé, kóró inú èyí tí a sè jẹ ni mo sá.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kùkúńbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e fún ń gùn bọ̀ geere, ọ̀kan nínú wọn nìkan ló ṣì wọ́ díẹ̀. Ti elégédé ni mo fẹ́ sọ yékéyéké. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe wà lẹ́bàá kànga. Aago 7 kò tíì lù, àtíkè kun gbogbo orí rẹ̀, mo rí i. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ báyìí, ó ti tó ìkúùkù ọwọ́ mi. Èkejì wà lábẹ́ ewé, ọjà ni mo ti dé kí n tó rí i, òdòdó rẹ̀ ti ń ká lọ. Mo la ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, mo fi akọ kùn ún. Ìyẹn ti pọ́n. Ẹ̀kẹta dúró, ṣùgbọ́n ó ń tóbi sí ọwọ́ òsì ju ọwọ́ ọ̀tún lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé lónìí abo méjì là, akọ kan kò là. Lánàá akọ pọ̀ bí nǹkan míì, abo kò sí. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Òmù-Àrán

Ẹ kó akọ tó là lánàá sínú ike tó ní ìdérí, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín o. Ẹ lò ó lọ́jọ́ kejì. Mo ti ṣe é fún bàrà olómi, ó mú.

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Ó lè mú, kò dá mi lójú pé yóò mú nígbà gbogbo. Tí iná bá lọ lóru, ara òdòdó á lagùn nínú ike, omi yẹn sì ni ọ̀tá àtíkè. Bí omi bá kàn án, ó máa ń bẹ́ dànù. Ìdí tí òjò òwúrọ̀ fi ń ba èso elégédé jẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà tí èmi ń gbà ni pé nírọ̀lẹ́, mo máa ń gé akọ tó fẹ́ là lọ́la pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ gígùn, mo máa ń kì í bọ inú ife omi nínú ilé. Ilẹ̀ á mọ́, á ti là fúnra rẹ̀, àtíkè rẹ̀ á gbẹ dáadáa, eèrà kò sì ní tíì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dáhùn ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí kò sí akọ tó fẹ́ là rárá.

Ọmọ Òmù-Àrán

Ẹ fi bébà tó gbẹ sínú ike, kò ní lagùn. Èmi kò fi ti fíríìjì sílẹ̀.

Bàbá Ọ̀fà

Kí ló dé tí ẹ ń da ara yín láàmú? Ṣé elégédé Ìyá Ìbejì nìkan ló wà ní Gánmọ ni? Kó rán ọmọ sí ilé ẹlòmíràn tó gbin ín, kó tọrọ akọ òdòdó kan. Òdòdó tí wọ́n á jù nù ni, kò sẹ́ni tí yóò bínú.

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Bàbá, ìyẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kí wọ́n já a pẹ̀lú ọ̀pá, kí wọ́n gbé e wá kíá. Elégédé pẹ̀lú elégédé ni o. Ti igbá kò lè ṣe é, ti ẹ̀gúsí kò lè ṣe é. Elégédé pàápàá ní ìran ìran, bí ti ẹni yẹn bá yàtọ̀ sí tiyín púpọ̀ ní ewé àti ìrísí, ó lè má gbà. Bí ó bá sì gbà, èyí tí yóò so báyìí kò ní yàtọ̀ lẹ́nu. Kóró inú rẹ̀ ni yóò ti dàpọ̀, ẹ má fi ṣe irúgbìn bí ẹ bá fẹ́ irú tiyín gan-an.

Ibẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ fèsì sí ọ̀rọ̀ yín nípa kùkúńbà. Elégédé àti kùkúńbà kò lè gun ara wọn, ìran wọn jìnnà. Oòrùn àti òǹgbẹ ló sábà ń mú kùkúńbà korò, àwọn irúgbìn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn.

Bàbá Ọ̀fà

Ti korò yẹn, ẹnu mi ni mo fi jẹ ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ elégédé ni wọ́n gbin in sí. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Elégédé tèmi fẹ́ kún ilẹ̀ éékà kan. Ṣé èmi àgbà yóò máa tẹ̀ káàkiri rẹ̀ láàárọ̀ kùtù?

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Rárá o, Bàbá. Ọwọ́ kò lè ka éékà, òdòdó á ti ká kí ẹ tó dé ìdajì. Oyin ni kí ẹ wá. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń sin oyin lágbègbè Ọ̀fà, ẹ bá a sọ ọ́ kó gbé ilé oyin kan tàbí méjì wá sí etí oko yín nígbà tí abo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ má gbé e wá ṣáájú ìyẹn, nítorí oyin á ti mọ ibòmíràn tí wọ́n ń jẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fín oògùn láàárọ̀ títí wọn yóò fi parí iṣẹ́. Ti ọwọ́, ti ẹ̀yìn ilé ni, tàbí ti ẹni tó fẹ́ tọ́jú irúgbìn.

Alhaja Ìpáta

Oyin tí wọ́n á gbé wá sí etí oko yẹn, ṣé kì í ta àwọn tó ń já gbọ̀rọ̀ ni? Àwọn obìnrin tó ń já a fún mi, àárọ̀ ni wọ́n ń wọ oko.

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Ó lè ta wọ́n bí wọ́n bá súnmọ́ ẹnu ilé rẹ̀. Kí wọ́n gbé e sí etí oko tó jìnnà sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, kí wọ́n sì máa já gbọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ láwọn ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìyá Ìbejì (Gánmọ)

Ẹ ṣeun, Bàbá Ọ̀fà, ilé kejì sí ojúlé wa ni mo ti rí akọ. Aládùúgbò wa náà ti gbà láti máa fín oògùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìtàkùn tó wà lẹ́bàá kànga ti ní ọmọ méjì tó ń tóbi. Mo ṣe ẹ̀kẹta lórí rẹ̀, ní kùtùkùtù, àtíkè tuntun, apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà ó pọ́n. Mo là á, kò sí ìdin.

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Kì í ṣe ọwọ́ yín. Méjì tó wà níwájú ló ń gba oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹrù bá ti tó ìtàkùn, á já èyí tó kéré jù sílẹ̀, bó ti wù kó gba àtíkè tó. Ẹ fi méjì sí mẹ́ta sílẹ̀ fún ìdí kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí.

Alhaja Ìpáta

Mo ti rí ìdí kan tó gbé mẹ́rin, wọ́n sì tóbi.

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Ilẹ̀ àkùrọ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀, Alhaja. Ti omi kànga tí wọ́n ń fi báàkẹ́ẹ̀tì rù, ó ṣòro. Ìyá Ìbejì, ẹ wo ewé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹ tún wò ó nírọ̀lẹ́. Bí ó bá rọ lọ́sàn-án tó sì jí nírọ̀lẹ́, oòrùn ni. Bí ó bá ṣì rọ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, omi tí ẹ ń fún un kò tó, ẹ má sì ṣe abo mìíràn lórí rẹ̀.

Ti kùkúńbà yàtọ̀ sí èyí. Ẹ máa já a nígbà tó ṣì tutù tí kóró rẹ̀ kò tíì le. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀ kó pọ́n lórí rẹ̀, kò ní so tuntun dáadáa mọ́, bí ẹ tilẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì gbé àtíkè fún un láràárọ̀.

Ìyá Ìbejì (Gánmọ)

Háà, ọ̀kan wà lábẹ́ ewé tó ti ń pọ́n. Mo fẹ́ fi ṣe irúgbìn tẹ́lẹ̀ ni. Ṣé kí n já a?

Àgbẹ̀ Òkè-Oyì

Bí ó bá jẹ́ pé ìdí kùkúńbà kan yẹn nìkan lẹ ní, ẹ já a. Bí ìdí kùkúńbà mìíràn bá wà tí ẹ ó máa jẹ nínú rẹ̀, ẹ fi ti irúgbìn yìí sílẹ̀ kó pọ́n dénú, kí ẹ má retí kùkúńbà púpọ̀ lórí ìdí yẹn mọ́.